Ẹ wá èèyàn mẹ́wàá tẹ́ ò mọ̀ rí bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan nínú àwọn àìdíà yín

Ẹni tó ní àìdíà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí, tí owó ọwọ́ ẹ̀ ò sì lè ṣe ju ẹyọ kan lọ, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Màá fi ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó mi ṣàlàyé ẹ̀, torí ojú mi ló ṣe é l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì wà pẹ̀lú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Owó tó ní ò ju 200,000 náírà lọ. Àìdíà àkọ́kọ́ ẹ̀ ni pé kó máa se ọbẹ̀ sínú ike, kó dì í nínú fírísà, kó máa gbé e lọ fáwọn èèyàn nílé ní gbogbo Sátidé. Ìkejì, kó máa lọ gba aṣọ ìdọ̀tí lọ́wọ́ àwọn tí ò ráyè, kó fọ̀ ọ́, kó lọ̀ ọ́, kó gbé e padà. Ìkẹta, kó máa di èlùbọ́, gaàrí àti ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà sínú nylọ́ọ̀nù, kó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ó ti bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ọbẹ̀ yẹn dáa gan-an, pé Ọlọ́run á ti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lẹ́yìn.

Ibẹ̀ yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ fi ẹnu ba ọkàn ẹni jẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ta nǹkan, ẹni tó mọ̀ yín á gbàdúrà fún yín, á yìn yín, á tún ní òun á máa pe èèyàn wá. Kò purọ́, ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ ò tíì mọ ohunkóhun nípa bó ṣe ń náwó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé àdúrà ló ń tẹ̀lé ìbéèrè yín, ìbéèrè yẹn ló ní àbùkù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ àjèjì, ẹni tí ò mọ̀ yín, tí ò mọ ìyá yín, tí ò ní rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú irú èèyàn kan ṣoṣo

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ pinnu ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣe pàtó. Èèyàn mẹ́wàá kéré gan-an, tẹ́ ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ọlọ́kadà méjì àti tísà mẹ́ta, ẹ ò bi ẹnì kankan nìyẹn, torí ìgbésí ayé wọn ò jọra, ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ọ̀kan ò lè ti tèkejì lẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni àbúrò mi kọ́kọ́ ní lọ́kàn, torí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wà níbí, wọ́n sì pọ̀. Mo ní kó rò ó dáadáa, ọmọ ilé-ìwé máa ń lọ sílé ní họ́lídé, tí ìyanṣẹ́lódì bá sì dé, àdúgbò á dá wáí, ẹni tó bá gbé bísínẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lé wọn lórí nìkan á jókòó lásán títí wọ́n á fi wọlé padà. Ó wá mú àwọn tó ń dá gbé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí wọ́n sì ń se oúnjẹ fúnra wọn: nọ́ọ̀sì, tísà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, irú àwọn yẹn. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé àìdíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kàn wọ́n, ìyẹn ló sì jẹ́ kéèyàn lè fi wọ́n wé ara wọn lẹ́nu ẹnì kan náà. Tí àìdíà yín kan bá jẹ́ ti àgbẹ̀, tíkejì jẹ́ ti ìyàwó ilé, ẹ ò lè fi èèyàn mẹ́wàá yanjú ẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé, ẹ kọ àìdíà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ sábẹ́ ẹ̀ ohun tó gbọ́dọ̀ ti máa ṣẹlẹ̀ láyé onítọ̀hún báyìí kí àìdíà yẹn tó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ o, kì í ṣe ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Bí tàbúrò mi ṣe rí rèé:

Ọbẹ̀: wọ́n ti ń náwó lórí oúnjẹ alẹ́ níta, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n á gbé ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí tí ò ní bàjẹ́.

Aṣọ fífọ̀: wọ́n ti ń sanwó fún ẹnì kan láti bá wọn fọ̀ ọ́, tàbí aṣọ ti fa ìdíwọ́ gidi fún wọn láìpẹ́ yìí.

Èlùbọ́ àti gaàrí: àwọn fúnra wọn ló ń lọ rà á lọ́jà, lílọ yẹn sì ń ni wọ́n lára.

Ìwé yìí ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí. Ẹni tí ò bá kọ ọ́, ohun tó wù ú láti gbọ́ nìkan ni etí ẹ̀ á máa gbé.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn

Ẹ wá ibi táwọn èèyàn ti ń jókòó tí wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹni tó bá ń dirí á wà níjòókòó fún wákàtí méjì mẹ́ta, inú ẹ̀ á dùn tó bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù abarígerun náà dáa lọ́jọ́ Sátidé, tàbí ọ̀dọ̀ télọ̀ tó ní "ó kù díẹ̀". Ibi tí ò dáa ni ibi iṣẹ́ wọn lásìkò iṣẹ́, àti inú ọjà bíi Tákìe nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́, torí ọkàn wọn ò sí lọ́dọ̀ yín, ẹ̀rù ọ̀gá tàbí ti kọ́sítọ́mà ló wà lójú wọn.

Ẹ má kó gbogbo wọn látibì kan. Àbúrò mi rí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ládùúgbò Adénìkẹ́, mẹ́ta lọ́dọ̀ télọ̀ àti abarígerun lágbègbè Sábó, ó wá bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin lára wọn pé kí wọ́n júwe ẹnì kan ṣoṣo tó ń dá gbé tó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan péré ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, torí tẹ́ ẹ bá gba mẹ́ta, ọ̀rẹ́ ara wọn ni wọ́n máa jẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó wá rò pé gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ máa kọ́kọ́ kí. Ẹ wọlé, ẹ ní "ojú gbooro o", á ní "òòyà á yà á", ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá fún un, kẹ́ ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá gbà, òun gan-an á bá yín bẹ àwọn tó jókòó. Tẹ́ ẹ bá kọjá lórí ẹ̀ lọ bá oníbàárà ẹ̀, á rò pé ọjà lẹ wá ń tà fún un, gbogbo ilé á sì le.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ gùn. Ohun tàbúrò mi ń sọ nìyí: "Ẹ kú ìjókòó o, àǹtí. Ẹ má bínú, mi ò ta nǹkan kan o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kékeré kan láàárín ìlú yìí, mo sì fẹ́ mọ báwọn tó ń dá gbé tó ń ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe nínú ilé, ìṣẹ́jú ogún ni mo bẹ̀ yín." Tí wọ́n bá gbà, ìbéèrè méjì tó máa fi yọ ẹni tí ò yẹ ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé àwọn nìkan ló ń gbé, àti pé ta ló se oúnjẹ tí wọ́n jẹ gbẹ̀yìn nílé. Ọmọbìnrin kan ní àǹtí òun ló ń se é, àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò kà á mọ́ mẹ́wàá. Ẹ má ṣe ojú àánú níbẹ̀, ẹni tí ò yẹ á kàn da ìwé yín rú ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, omi tútù ni o, káàdì ni o, ìgbà tẹ́ ẹ bá parí ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa dùn mọ́ yín nínú.

Ìbéèrè: àná àti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe ọ̀la

Ẹ yọ "ṣé ẹ máa rà á?", "èló lẹ lè san?" àti "ṣé ẹ máa fẹ́ kí wọ́n…" kúrò lẹ́nu pátápátá. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tóun á ṣe lóṣù tó ń bọ̀, ẹni tẹ́ ẹ bá sì bi á kàn mú èsì tó rọrùn jù, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tó lọ́jọ́, tó níye owó. Ìbéèrè mẹ́rin péré tó fún gbogbo ẹ̀:

Ìgbà wo ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ sọ fún mi bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀?
Kí ló wá nira jù níbẹ̀?
Kí lẹ ṣe sí i?
Èló ló gbà, tàbí táímù mélòó ló jẹ?

Ẹ bi wọ́n lórí oúnjẹ alẹ́, lórí aṣọ, lórí èlùbọ́ àti gaàrí, ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ má sì sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe nínú wọn. Ẹ máa pa ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, torí á ti rẹ onítọ̀hún tẹ́ ẹ bá dórí ìkẹta, èyí tó bá ń gbẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà ni èsì ẹ̀ á máa kúrú jù, ẹ ó sì rò pé kò kàn wọ́n.

Ẹ kíyè sí ẹni tó bá ń sọ pé "mo máa ń…". "Mo máa ń se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀", ìyẹn ni bó ṣe wù ú kí ayé ẹ̀ rí. Ẹ rọra mú un padà: "Tọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́, ọjọ́ wo lẹ sè é?" Ìgbà púpọ̀ lẹ máa gbọ́ "ha, ọ̀sẹ̀ yìí ò ráyè o", ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. Nọ́ọ̀sì kan ni, ó ń dirí, ọ̀sán Sátidé, kò sí iná, onídìrí ti ṣí fèrèsé méjèèjì. Àbúrò mi ní, "Àǹtí, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tẹ́ ẹ dé láti ibi iṣẹ́, kí lẹ jẹ?"

"Tọ́sìdeè kẹ̀? Ìrẹsì ni mo rà lọ́nà."

"Báwo ló ṣe jẹ́ tó fi di ìrẹsì ọ̀nà?"

"Ọbẹ̀ tí mo sè lọ́jọ́ Àìkú ló kan. Wọn ò mú iná wá látọjọ́ yẹn, mo gbé e kaná ní Mọ́ńdè, mo gbé e kaná ní Túsìdeè, mo ti àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Wẹ́sìdeè, alẹ́ tí mo dé tí mo ṣí i, ó ti ń hó wùrùwùrù. Mo dà á nù."

Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àbúrò mi tán báyìí, ó fẹ́ sọ pé òun á máa se ọbẹ̀ tà. Kò sọ ọ́. Ó kàn dákẹ́, ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ ò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe le tó àfi tẹ́ ẹ bá ṣe é, torí ìdákẹ́jẹ́ láàárín èèyàn méjì máa ń dà bí àìmọ̀wàáhù lójú wa. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ti tún bẹ̀rẹ̀:

"Ọbẹ̀ yẹn gan-an ò dùn mí tó ata ẹ̀. Ẹ̀ ń gbọ́ iye tí tòmátì ń jẹ́? Mo rà á, mo rà tàtàṣé, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, mo sè é títí omi ẹ̀ fi gbẹ, ìdajì ẹ̀ ni mo jẹ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ wá ṣe sí i lẹ́yìn ìyẹn?"

"Obìnrin kan wà lójúlé kejì tó ń ta omi tútù, ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo máa ń bu ata sínú nylọ́ọ̀nù fún un kó bá mi fi sí fírísà, mo máa ń fún un ní 200 náírà. Àmọ́ nígbà míì kì í sí nílé tí mo bá fẹ́ mú un."

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ó ti ń sanwó. Ó ti wá ọ̀nà àbáyọ fúnra ẹ̀, ọ̀nà yẹn ò sì dá a lójú. Àmọ́ ohun tó ń sanwó lé lórí kì í ṣe ọbẹ̀, ata ni, àti ibi tí ata ò ti ní bàjẹ́. Ká ní àbúrò mi ti ya ẹnu sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ inú ike ni, nọ́ọ̀sì á ti ní "ẹ ṣé o, ó dáa o", ọ̀rọ̀ fírísà aláàádúgbò ò ní jáde láéláé.

Wọ́n á bi yín o, pé "kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ tà gan-an?" Ẹ sọ òótọ́: ẹ ò tíì mú ọ̀kan, ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín nímọ̀ràn, "ẹ ò ṣe ṣí ilé ìfọṣọ sádùúgbò wa", ẹ má jà á, ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni rí góòlù, ẹ kàn bi wọ́n pé aṣọ wọn tọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, ta ló fọ̀ ọ́, èló ló sì gbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé àti bírò ló dáa jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ tọrọ ààyè, àmọ́ mo ti rí i pé tí fóònù bá ti wà lórí tábìlì, ohùn èèyàn máa ń yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí rédíò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nìkan nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó, tẹ́ ẹ bá sì jáde, kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ dúró síbì kan kẹ́ ẹ kọ ìyókù, torí tẹ́ ẹ bá bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, "ìdajì ẹ̀ ni mo jẹ", ẹ má sọ ọ́ di "oníbàárà ní ìṣòro ìpamọ́ oúnjẹ". Ojú ìwé kejì ni èrò tiyín máa wà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà, torí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tí wọ́n sọ mọ́ èyí tẹ́ ẹ rò.

Tí mẹ́wàá bá pé

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lábẹ́ àìdíà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: ta ni nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ta ló ti náwó tàbí táímù lé e lórí, ta ló ti gbìyànjú ọ̀nà míì tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kíké lásán ò sí lára ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti fi ohùn ẹni tó kígbe jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀.

Èlùbọ́ àti gaàrí ló kọ́kọ́ kú. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ò ra èlùbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá gbé. Ìyá wọn ló ń dì í fún wọn tí wọ́n bá lọ sílé, tàbí kó fi rán dẹ́rẹ́bà láti Ìlọrin, láti Ọ̀yọ́, láti abúlé. Kò sẹ́ni tó ráhùn rárá. Àbúrò mi ò lè bá ìyá àwọn èèyàn du oníbàárà, ìyá kì í gbowó.

Aṣọ fífọ̀ ló tan èèyàn jù. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ráhùn nípa ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ fi ọwọ́ hàn án bó ṣe bó. Ẹ ó gbọ́ ráhùn yẹn, ẹ ó fẹ́ sáré lọ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àmọ́ nígbà tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, "mo fọ̀ ọ́ ní Sátidé" ni mẹ́jọ nínú wọn sọ. Kò sówó tó jáde, kò sẹ́ni tó wá ẹnì kankan. Ẹnì kan ló ń sanwó, obìnrin kan tó ń wá fọ̀ ọ́ nílé ẹ̀ ló ń san án fún. Nǹkan tó tún jẹ yọ tí ò retí ni pé mẹ́ta ń sanwó fún ẹni tó ń bá wọn lọ aṣọ iṣẹ́, torí iná tí ò sí. Ìyẹn ò sí lórí ìwé ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọbẹ̀ wá ńkọ́? Méje ló da ọbẹ̀ nù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́fà nínú méje yìí ti náwó sí i, àwọn kan ń ra oúnjẹ níta lójoojúmọ́, àwọn kan ń san owó fírísà bíi ti nọ́ọ̀sì yẹn. Torí náà ìrora wà, owó wà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ohun tó kọ sábẹ́ ọbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: "wọ́n ní ibi tí wọ́n á gbé ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí". Wọn ò ní in! Ohun tó ba ọbẹ̀ tiwọn jẹ́ náà ló máa ba ọbẹ̀ ike tàbúrò mi jẹ́, á kàn jẹ́ pé òun ni wọ́n máa bú lọ́jọ́ Túsìdeè. Àìdíà tí gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ yìn á ti wó lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdí tó fi máa wó sì wà lẹ́nu àwọn àjèjì látọjọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó wá kù nínú ẹ̀ ni ata díndín: tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti sè tí omi ẹ̀ gbẹ, tí wọ́n wá din nínú òróró dáadáa, tí wọ́n rọ sínú ike kékeré tó máa tán láàárín ọjọ́ méjì, kó má di pé ẹnikẹ́ni ń wá fírísà kiri. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ dé á kàn bù ú sí ìkòkò, á fi ẹran tàbí ẹyin sí i. Àìdíà yìí ò sí lára mẹ́ta tó gbé wá, inú ìwé mẹ́wàá yẹn ló ti yọ.

Ibi tó máa ń wọ́, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀

Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ní àìdíà yín dáa, ẹ ti sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, bóyá lẹ́nu tàbí lójú. Ẹ tún ìbéèrè yín ṣe kẹ́ ẹ wá èèyàn míì. Tí ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan bá yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹnì kejì, irú èèyàn tẹ́ ẹ mú ló fẹ̀ jù, ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ohun kan náà láti ẹnu ẹni kẹfà tàbí ìkeje, ó dáa, àmọ́ ẹ má dúró, ẹ fi àwọn tó kù wá ẹni tí tiẹ̀ yàtọ̀, kẹ́ ẹ sì bi í kí ló jẹ́ kó yàtọ̀. Ọ̀kan wà tí ọbẹ̀ ẹ̀ ò bàjẹ́ rí, ó ní ìwọ̀nba alẹ́ kan lòun máa ń sè lórí gáàsì. Ẹni yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé ike kékeré ló yẹ, kì í ṣe ńlá.

Ohun tí èèyàn mẹ́wàá ò lè sọ fún yín ni iye èèyàn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ra nǹkan yín. Méje nínú mẹ́wàá yìí kì í ṣe ìdá méje nínú mẹ́wàá ìlú o, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó fẹ́ yá yín lówó pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọn ò sì lè sọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ tà á. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n pa àìdíà tó ti kú tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ hàn yín.

Ẹ padà lọ gba owó

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn rèé, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́wàá yẹn, ìgbà yìí lẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tà, kẹ́ ẹ sì béèrè nǹkan tó máa dùn wọ́n díẹ̀ láti fún yín. Àbúrò mi din ata díẹ̀, ó gbé e dání, wọ́n tọ́ ọ wò. Ó ní ike kan jẹ́ 1,500 náírà, ẹni tó bá fẹ́ tọjọ́ Fúráìdeè kó san 500 sílẹ̀ báyìí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba owó náà lọ́wọ́, torí ẹni tó bá ní "ẹ pè mí tó bá jáde" kò tíì sọ nǹkan kan.

Mẹ́rin ló sanwó. Nọ́ọ̀sì yẹn san ti ike méjì. Nínú mẹ́fà tó kù, àwọn méjì ní àwọn ò lè jẹ ata tí àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́, ọ̀kan ní òróró ẹ̀ pọ̀ jù, àwọn mẹ́ta kàn ṣàdúrà fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn méjì yẹn ló gbé lọ sílé, ó ní tóun bá máa din tọjọ́ Fúráìdeè, òun á ya fọ́tò ata náà látìgbà tó ti ń ṣà á títí dé ìgbà tó bá rọ ọ́ sínú ike, òun á sì fi ránṣẹ́ lórí Wáátsáàpù.

Kò ná ju 15,000 lọ nínú 200,000 yẹn títí dé ibí. Ike márùn-ún ló dìn fún Fúráìdeè, kò dìn kún un, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò pe ẹnì kankan, torí ohun tó fẹ́ mọ̀ báyìí ni ẹni tó máa pè é fúnra ẹ̀ pé ata ti tán.